Wọ́n ní àwọn ń gbèjà tísà: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ fọ́ìsì kan

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí a fẹ́ tú wò yìí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó. A hun ún pọ̀ láti ara bí irú rẹ̀ ṣe máa ń lọ, a sì fi iye àti àkókò sí i kí òǹkàwé lè máa bá a bọ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ènìyàn mẹ́rin ló ṣe kókó nínú rẹ̀: tísà kan, ìyá ọmọ kan, òbí mìíràn tí wọ́n jọ wà nínú gúrúùpù, àti àbúrò òbí yẹn. Kò sí ẹni tó gbèrò ìkà nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó ṣe ìpalára tó pọ̀ jù lọ gan-an, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé rere lòun ń ṣe.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀

Gúrúùpù WhatsApp àwọn òbí kíláàsì kan ni, ènìyàn 61 ló wà nínú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ọmọ kan tọ̀ sára délé. Ó ní òun tọrọ ààyè lẹ́ẹ̀mejì láti jáde, tísà ní kóun jókòó. Ní aago 7:12, ìyá rẹ̀ fi ìbínú tẹ màíìkì mọ́lẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 47. Ọgbọ̀n àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀sùn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ọmọ tọrọ ààyè, wọn kò fún un, ojú sì tì í níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Mẹ́tàdínlógún tó kù ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Ó ní tísà ò lè mọ bí ọmọ ṣe ń ṣe ènìyàn nítorí pé kò bí rí, pé lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá nílé ọkọ, ó yẹ kó ti mọ ìdí tí Ọlọ́run kò fi fún un.

Ẹni méjì dá a lóhùn pé kó rọra. Àwọn yòókù gbọ́, wọ́n dákẹ́. Ní aago 8:30, òbí kan fọ́wáàdì fọ́ìsì náà sí àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó kọ sí i lábẹ́ pé, “Gbọ́ ohun tí obìnrin yìí sọ sí tísà wa.” Ẹnì kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́ sí.

Ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:40, ìyá ọmọ jí, ó tẹ́tí sí ohùn ara rẹ̀, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó pa á rẹ́ fún gbogbo èèyàn. WhatsApp fún un láyè, torí pé láti ọdún 2022, ènìyàn ní ọjọ́ méjì àti díẹ̀ láti fi ṣe `Delete for everyone`. Ohun tí kò mọ̀ ni pé inú gúrúùpù yẹn nìkan ni pípa rẹ́ náà ti ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà tí wọ́n ti fọ́wáàdì ti di ohun ọ̀tọ̀, kò sí okùn kankan láàárín rẹ̀ àti ti àkọ́kọ́ mọ́.

Ní aago 7:15 ó pe tísà. “Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ máà bínú. Mo sọ ohun tí kò yẹ kó jáde lẹ́nu mi.” Tísà dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn: “Mo gbọ́ ọ, Mà. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n ti ọmọ yẹn, èmi ni mo jẹ̀bi, mo rò pé eré ló ń ṣe. Ẹ wá rí mi tí a bá parí lónìí.” Ìyẹn ni pé nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn máa fi bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn ti ń yanjú rẹ̀.

Aago 9:05 ni àbúrò yẹn gbé e sórí Facebook, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Ó mú dípìì ìyá ọmọ láti orí WhatsApp, ó fi bo ohùn náà, ó sì sọ ọ́ di fídíò. Nínú àwòrán yẹn, ìyá gbá ọmọ mọ́ra, ọmọ wọ yunifọ́ọ̀mù, báàjì àyà rẹ̀ sì hàn ketekete. Àkọlé rẹ̀ ni: “Ẹ wo obìnrin burúkú tó ń fi àìrọ́mọbí bú tísà aláìṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n.”

Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, kọ́mẹ́ǹtì ti lé ní 2,300. Ẹnì kan ti tú orúkọ rẹ̀ jáde, ẹlòmíràn ti rí ibi tó ń ṣiṣẹ́. Ìpè 19 wọlé sí ọ́fíìsì náà kó tó di aago mẹ́ta, ọ̀gá sì ní kó máa lọ sílé ná. Obìnrin mìíràn tí orúkọ wọn jọra, tí kò tilẹ̀ bímọ sí ilé ẹ̀kọ́ yẹn, bẹ̀rẹ̀ sí í gba èébú. Ní alẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ tísà pè é láti bi í pé ta ló gbé ọ̀rọ̀ ilé wọn sórí ẹ̀rọ ayélujára.

Ìpè alẹ́ yẹn

Níbi ìpè yẹn ni ó yẹ kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ tó bá fẹ́ mọ ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí wọ́n ní àwọn ń gbèjà ni wọ́n tú láṣìírí. Kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó mọ́, ènìyàn 61 ló gbọ́ pé tísà kò tíì bímọ, àwọn kan lára wọn sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi di alẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti gbọ́. Wọ́n ń bá a kẹ́dùn, wọ́n ń gbàdúrà fún un, wọ́n ń dárúkọ àgbo àti dókítà fún un. Ìyá ọmọ sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn olùgbèjà ló tún un sọ ní ìgbà 2,300.

Kò sì sí ẹni tó bi í léèrè. Láàárín aago 8:30 alẹ́ àti aago 9:05 òwúrọ̀, wákàtí méjìlá ó lé díẹ̀ ló wà tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò fi lè tẹ̀ ẹ́ láago pé, “Ẹ kú ọ̀rọ̀ àná Mà, kí lẹ fẹ́ kí a ṣe sí i?” Ìpè ìṣẹ́jú kan yóò ti fi hàn pé tísà kò fẹ́ kí ó jáde, àti pé wọ́n tilẹ̀ ti ń parí rẹ̀. Ẹni tí a bú ló ni ẹjọ́. Bí kò bá gbé e jáde, ẹlòmíràn kò ní àṣẹ láti gbé e jáde fún un, pàápàá nígbà tí ohun tó wà nínú èébú náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ìlera rẹ̀ tàbí ilé rẹ̀.

Èyí ló fi yàtọ̀ sí kí a tú àṣírí olè. Ẹni tó bá fi hàn pé akápò kan jí owó ẹgbẹ́, owó tó sọnù ló ń fi hàn, kì í ṣe egbò ẹni tí wọ́n jà lólè. Ṣùgbọ́n nínú èébú tó kan ohun ìkọ̀kọ̀, ẹ̀rí àti egbò jẹ́ nǹkan kan náà, kò sí bí ènìyàn ṣe lè gbé ọ̀kan jáde kó má gbé èkejì.

“Ṣebí ènìyàn 61 ló ti gbọ́ ọ?”

Àwíjàre àbúrò yẹn nìyí, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn dáadáa nítorí pé ó dà bí òótọ́. Ó ní ohun tí a sọ níwájú ènìyàn 61 kì í ṣe àṣírí mọ́.

Helen Nissenbaum, onímọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, dáhùn irú ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2004. Lójú rẹ̀, ìbéèrè nípa ohun ìkọ̀kọ̀ kọjá bóyá ọ̀rọ̀ pamọ́ tàbí kò pamọ́. Ibi kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tirẹ̀ nípa ohun tó lè jáde níbẹ̀ àti ọ̀dọ̀ ẹni tó lè lọ. Ohun tí a sọ fún dókítà lè dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì láìsí ìjà. Bó bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ibi iṣẹ́ wa, wọ́n ti rú ìlànà, bí kò tilẹ̀ sí irọ́ kankan nínú rẹ̀.

Gúrúùpù òbí ní ìlànà tirẹ̀ pẹ̀lú, bí ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ọmọ náà, wọ́n mọ tísà, wọ́n mọ̀ pé ìyá yìí kì í ṣe aláriwo tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn lè sọ fún un pé “Ẹ ò ṣe é re,” kí wọ́n sì tún pàdé lẹ́nu géètì lọ́la. Ẹni tó gbọ́ ọ lórí Facebook kò ní ìkankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Kò gbọ́ pé ọmọ tọ̀ sára, nítorí pé àbúrò yẹn gé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́ kúrò kí fídíò má baà gùn jù. Kò mọ̀ pé ìyá ti tọrọ àforíjì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Níbí, wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan ọ̀hún tán.

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa bí ẹ̀rọ ṣe ń dá sí i. WhatsApp máa ń kọ `Forwarded` sórí ohun tí a bá fọ́wáàdì. Bó bá ti gba ọwọ́ ènìyàn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò di `Forwarded many times`, ibi kan ṣoṣo ló sì lè lọ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìyẹn. Ìlànà yìí ń dín ìyára kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti sọ fọ́ìsì di fídíò tí a gbé e lọ sí ìkànnì mìíràn, àmì yẹn kò bá a lọ. Fídíò tuntun yẹn dà bí ohun tí ẹni tó ni ohùn náà fúnra rẹ̀ gbé síta. Bí ẹ bá rí fídíò tó jẹ́ àwòrán kan ṣoṣo tí kò mira tí ohùn ń jáde lábẹ́ rẹ̀, ẹ fura pé ẹlòmíràn ló hun ún pọ̀, kí ẹ sì béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Kọ́mẹ́ǹtì kan, kọ́mẹ́ǹtì ẹgbẹ̀rún méjì

Bí a bá mú kọ́mẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, púpọ̀ nínú wọn kò burú. “Ọ̀rọ̀ yìí kò dáa.” “Kí Ọlọ́run dáríjì í.” Ẹni tó kọ ọ́ lo ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ó sì gbàgbé rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ló ń ka gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó pinnu pé kí obìnrin kan gba ìbáwí ìgbà 2,300 kí wọ́n sì lé e sílé láti ibi iṣẹ́. Adájọ́ á dá ẹjọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sọ iye ìyà àti ọjọ́ tí yóò parí. Níbí, ìyà ń pọ̀ sí i láìsí ẹni tó ń kà á.

Takuya Sawaoka àti Benoît Monin ní Yunifásítì Stanford tẹ ìwádìí kan jáde ní 2018 lórí èyí gan-an. Nígbà tí àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí rí ẹnì kan ṣoṣo tó bá ẹlẹ́ṣẹ̀ wí, wọ́n yìn ín. Nígbà tí wọ́n rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú ẹlẹ́ṣẹ̀, wọ́n sì ka àwọn tó ń bá a wí sí ẹni tó ń fìyà jẹ ọmọlàkejì. Ohun tó tọ́ lẹ́nu ẹnì kan di ìkà lẹ́nu ẹgbẹ̀rún, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nítorí náà, kó tó kọ́mẹ́ǹtì, ó yẹ kí ènìyàn wo iye tó ti wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, tèmi kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohun tuntun mọ́, ìwúwo nìkan ló ń fi kún un.

Àkọlé àbúrò yẹn náà kópa. Olùwádìí William Brady àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 2017, lórí Twitter, pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó pa ìwà rere tàbí ìwà búburú pọ̀ mọ́ ìmọ̀lára ń mú kí títàn ìfiránṣẹ́ pọ̀ sí i ní ìwọ̀n ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wò, a kò lè gbé iye yẹn sórí Yorùbá bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo “burúkú” àti “aláìṣẹ̀” nínú àkọlé yẹn. Kò sí ọ̀kan tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì. Ìdájọ́ ni wọ́n, wọ́n sì ti ṣe é tán fún òǹkàwé kó tó tẹ fídíò.

Ti obìnrin tí orúkọ wọn jọra, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ní oṣù kẹrin 2013, lẹ́yìn bọ́ǹbù tó bú níbi eré ìje Boston, àwọn ènìyàn lórí ìkànnì Reddit fi àwòrán wá ọ̀daràn, wọ́n sì dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Reddit tọrọ àforíjì ní gbangba lẹ́yìn náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú tó ń wo nǹkan kan náà kò sọ àṣìṣe di òótọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn kàn ń ka ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kọ ni.

Ṣé kò wá yẹ kí a tú ẹnikẹ́ni síta mọ́ ni?

Ó yẹ, nígbà mìíràn. Bí ẹni tó ṣe láburú bá ní agbára lórí àwọn mìíràn, bí ewu náà bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ti kan ilẹ̀kùn tó yẹ tí kò ṣí, gbangba lè jẹ́ ibi kan ṣoṣo tó kù fún aláìlágbára. A kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ yìí gba ohùn lẹ́nu irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tiwa, ìyá ọmọ kò lágbára kankan lórí tísà, èébú náà ti parí, ẹnikẹ́ni kò sì tíì kan ilẹ̀kùn kan. Wọn kò sọ fún ádímìn gúrúùpù, wọn kò sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Kódà ká ní gbogbo rẹ̀ pé, kí ni àwòrán ọmọ ń ṣe níbẹ̀?

Àtúnṣe, àti ohun tó ń bà á jẹ́

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Síbẹ̀ ènìyàn lè palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kí ẹlòmíràn má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra.

Ìyá ọmọ ló kọ́kọ́ níṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó pa ẹ̀rí mọ́ kí ohunkóhun tó parẹ́. Kó ya ojú fóònù níbi tí líǹkì, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́ àti aago ti hàn pọ̀, pàápàá fún kọ́mẹ́ǹtì tó bá halẹ̀ mọ́ ẹ̀mí tàbí tó tú àdírẹ́sì jáde. Bí wọ́n bá ti pa á rẹ́, kò ní rí ohun tí yóò fi han ọ̀gá rẹ̀ tàbí ọlọ́pàá. Lẹ́yìn ìyẹn, kó fẹjọ́ àwòrán ọmọ sùn lọ́tọ̀: Facebook ní fọ́ọ̀mù tí òbí lè fi béèrè pé kí wọ́n yọ àwòrán ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Ọ̀nà yìí dára ju kíkígbe pé wọ́n ń bú òun, nítorí pé ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò ní láti dá ẹjọ́ èébú kó tó gbé ìgbésẹ̀.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó bọ́ sórí kámẹ́rà láti ṣàlàyé. Ìdáhùn rẹ̀ lábẹ́ pósítì yẹn á tún gbé e sókè fún àwọn tí kò tíì rí i. Ó tún ní ìdí kejì tí ọ̀pọ̀ kì í rò: bó bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ tísà ní gbangba, ó ti tún ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí náà sọ. Ibi tó ti bú u ni kó ti tọrọ àforíjì, níwájú àwọn 61 yẹn, láì tún èébú náà kà, lẹ́yìn tó bá ti rí tísà lójúkojú.

Iṣẹ́ àbúrò pọ̀ ju bí ó ṣe rò lọ. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni kó pa pósítì rẹ́ kó sì dákẹ́. Pípa rẹ́ ṣe pàtàkì, ó sì máa ń yọ ọ́ kúrò lójú ìwé àwọn tó tẹ `Share` pẹ̀lú, nítorí pé ohun tí wọ́n pín ni pósítì rẹ̀ gan-an. Kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti gba fídíò náà sílẹ̀ tí wọ́n tún un gbé jáde. Bó bá sì dákẹ́, àwọn wọ̀nyẹn á sọ pé wọ́n fipá mú un ni. Nítorí náà, kó pa fídíò náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí ọmọ àti torí tísà. Kó wá kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú tuntun láìsí orúkọ, láìsí àwòrán: pé òun gé ohùn náà, òun kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, àwọn méjèèjì ti ń yanjú rẹ̀ kí òun tó gbé e jáde, kí ẹni tó bá ní i jọ̀wọ́ pa á rẹ́. Kó ti àyè kọ́mẹ́ǹtì. Kó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta kí àwọn tó rí ti àkọ́kọ́ lè rí i, kó tó yọ ọ́. Kó kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìyá ọmọ pẹ̀lú, nítorí pé ìpè 19 yẹn, tirẹ̀ ni gbogbo wọn.

Ti ọ̀gá ọ́fíìsì kò gba àlàyé púpọ̀. Kó bi ara rẹ̀ bóyá òṣìṣẹ́ yìí ṣẹ̀ sí iṣẹ́ tàbí sí oníbàárà. Bí kò bá ṣẹ̀, ariwo tẹlifóònù kì í ṣe ẹ̀sùn. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì là ń fi fà á mọ́ra. Ẹni tó ń pe ọ́fíìsì láti ìlú mìíràn kò ní ọwọ́ òsì kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Tísà, nígbà tí wọ́n bi í níkẹyìn ohun tó fẹ́, kò béèrè ìyà fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ọmọ máa jáde nígbàkúùgbà tó bá tọrọ ààyè. Ó sì ní kí ẹnikẹ́ni tí fọ́ìsì náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá a rí nínú fóònù rẹ̀ kó pa á rẹ́. Kì í ṣe inú ojú ìwé ìjíròrò nìkan ni ká wò. Lórí fóònù Android, fọ́ìsì tún lè wà nínú fódà `WhatsApp Voice Notes`, orúkọ fáìlì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `PTT`, ọjọ́ tó wọlé á tẹ̀ lé e. Òbí tó kọ́kọ́ fọ́wáàdì rẹ̀ ṣí fódà náà lálẹ́ ọjọ́rú. Fáìlì ọjọ́ Ajé ṣì wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 47, odindi. Ó tẹ́tí sí ọgbọ̀n àkọ́kọ́, ó dá a dúró níbẹ̀, ó sì pa á rẹ́.